Egbò súgà lábẹ́ ẹsẹ̀ Alhaji: fótò àti rúlà, báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín?

Ọmọ Alhaji Òkè-Sùná
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kẹ́ ẹ là mí lóye. Bàbá mi ní súgà, ó ti pẹ́, egbò kan wá yọ sí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, ẹsẹ̀ òsì, níbi ẹran tó ki lábẹ́ àtàǹpàkò. Àwọn tó ń bá wọn ṣe dírẹ́sìn ní ká máa ya fótò ẹ̀, ká máa wọ̀n ọ́n, ká sì kó gbogbo ẹ̀ wá lọ́jọ́ tí dókítà bá fẹ́ rí i. Mo ti ń yà á, fótò ti kún fọ́ọ̀nù mi, àmọ́ nígbà tí mo tò wọ́n síra wọn mi ò lè sọ pé ibi báyìí la dé. Ìkan tóbi, ìkan kéré, ìkan pupa, ìkan dúdú bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíì ni. Alhaji ní ó ti ń jiná, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní irọ́ ni, ọ̀rọ̀ náà ti ń di ìjà nínú ilé. Báwo lẹ ṣe ń yà á tí fótò ọ̀sẹ̀ yìí á fi jọ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá?

Alfa Pákátà
Wa alaekumu salaamu. Ọlọ́hun á fún Alhaji ní àlàáfíà. Oyin gidi ni kẹ́ ẹ wá, èyí tí wọn ò pò mọ́ ṣúgà, ẹ máa fi kan ojú egbò náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ má ra ti ẹ̀gbẹ́ títì.

Ọmọ Alhaji Òkè-Sùná
Àmín Alfa, ẹ ṣé gan-an. Oògùn kọ́ ni mò ń bèèrè ṣá, bí mo ṣe máa wọ̀n ọ́n ni.

Ẹnjiníà Tankẹ
Bọ̀ọ̀dá, ẹ má dàmú ara yín lórí déètì o. Fọ́ọ̀nù fúnra ẹ̀ ti ń kọ ọjọ́ àti aago sínú gbogbo fótò, ẹ kàn ṣí i wò, ẹ ó rí i. Ẹ máa yà á lójoojúmọ́, bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe máa hàn tó. Tí ò bá sí rúlà, ẹ fi owó ẹyọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Fótò Bàbá Èsìẹ́
Ẹnjiníà, owó ẹyọ wo? Ìgbà wo lẹ ti rí owó ẹyọ mọ nínú Kwara yìí 😂

Ọ̀rọ̀ déètì yẹn, òótọ́ ni lápá kan. Fọ́ọ̀nù ń kọ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti fi fótò ránṣẹ́ lórí Wásáàpù bí a ṣe ń fi fótò ránṣẹ́, ó máa ń fún un pọ̀, déètì inú ẹ̀ á sì bọ́ dànù, ọjọ́ tó dé ọwọ́ ẹni tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ló máa wà lára ẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n yín bá wá fi ránṣẹ́ sí dókítà, ó ti di ọjọ́ míì pátápátá. Ẹ kọ déètì sórí pépà pélébé, ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ rúlà kó bá egbò wọ inú fótò kan náà. Kò sẹ́ni tó lè já ìyẹn kúrò. Ẹ kọ ẹsẹ̀ òsì tàbí ọ̀tún sí i pẹ̀lú, torí fọ́ọ̀nù míì máa ń yí fótò bí ìgbà tèèyàn ń wo dígí. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ lọ sí `Document` lórí Wásáàpù, ẹ má gba ibi tí wọ́n kọ `Gallery` sí.

Èmi fótò ni mo ń yà jẹun, mi ò mọ egbò, àmọ́ mo mọ ìdí tí fótò yín ò fi bára mu. Àkọ́kọ́, ibi tẹ́ ẹ fi rúlà sí. Mo fẹ́ dá a lẹ́bi kí n tó rí i: orí bẹ́ẹ̀dì lẹ tẹ́ rúlà sí, àbí? Ẹsẹ̀ Alhaji wá ga ju bẹ́ẹ̀dì lọ. Ohun tó bá sún mọ́ kámẹ́rà ló máa ń tóbi nínú fótò, rúlà tó wà nísàlẹ̀ á wá kéré, egbò á wá dà bíi pé ó fẹ̀ ju bó ṣe jẹ́ lọ. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbé rúlà sókè díẹ̀, egbò á "jiná" nínú fótò, kò sì sóhun tó ṣe é. Rúlà gbọ́dọ̀ bá awọ ẹsẹ̀ dọ́gba, kó sùn sára awọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egbò, kó má sì kan egbò.

Ìkejì, fọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ kọjú sí egbò gan-an, kó má dagun. Tó bá ti dagun, ohun tó rí roboto á di bí ẹyin. Ọ̀nà tẹ́ ẹ fi máa mọ̀ rèé: ẹ wo àwọn ìlà tó wà lára rúlà nínú fótò náà. Tí àlàfo àárín ìlà lápá òsì bá dọ́gba pẹ̀lú tọwọ́ ọ̀tún, ẹ yà á dáadáa. Tó bá jẹ́ pé lápá kan wọ́n há, lápá kejì wọ́n fẹ̀, ẹ pa á rẹ́ kẹ́ ẹ tún un yà kí Alhaji tó ká ẹsẹ̀ kò. Rúlà kan ò sì lè fi ìdagun tó lọ sókè sódò hàn, èmi tó bá jẹ́ tèmi, rúlà kékeré méjì ni mo máa fi ṣe igun bí ti káfíńtà, ìkan ní gígùn, ìkan ní ìbú.

Ìkẹta, ẹ má gbé fọ́ọ̀nù lé e bí ẹni tó fẹ́ gbóòórùn ẹ̀. Ẹ fà sẹ́yìn tó gígùn rúlà ńlá ọmọ iléèwé kan, 30 sẹ̀ńtímítà, kẹ́ ẹ wá fi súùmù fà á sún mọ́ra lẹ́ẹ̀mejì. Tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn jù, àárín á wú, ẹ̀gbẹ́ á fún, fọ́ọ̀nù míì á sì yí sí kámẹ́rà míì láìsọ fún yín, àwọ̀ á yí padà. Fíláàṣì, ẹ pa á, egbò tó tutù máa ń dán tí fíláàṣì bá bà á, ẹ ò ní rí inú ẹ̀. Ojú fèrèsé, àsìkò kan náà, ẹ má yà á lábẹ́ gílóòbù tó pọ́n lónìí kẹ́ ẹ tún yà á lábẹ́ iná sólà lọ́la. Ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tó ń mú ojú dán nínú fọ́ọ̀nù yẹn ti kú. Àwọn ọmọbìnrin ló máa ń tan án sílẹ̀.

Ọmọ Alhaji Òkè-Sùná
Bàbá Èsìẹ́, ṣé ẹ wà nínú yàrá wa ni? Orí bẹ́ẹ̀dì gan-an ni rúlà wà o.

Nọ́ọ̀sì Òmù-Àrán
Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Dírẹ́sìn ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe, láti ìgbà tí a ṣì ń se gọ́ọ̀sì fúnra wa. Bàbá Èsìẹ́ ti sọ ti kámẹ́rà, mi ò ní tún un sọ.

Ọmọ mi, ìgbà tí wọ́n bá ti fi omi iyọ̀ ilé ìwòsàn fọ egbò tán, tí wọ́n ti nu ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ gbẹ, tí wọn ò tíì fi nǹkan kan sí i, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ yà á. Ẹ má da ìyẹ̀fun inú kápúsù sí i, ẹ má fi oògùn aláwọ̀ aró yẹn kùn ún. Yàtọ̀ sí pé kò wúlò fún egbò bẹ́ẹ̀, ó ń bo ohun tá a fẹ́ rí mọ́lẹ̀. Ẹran pupa tó mọ́, tó dà bí ẹ̀dọ̀ tútù, la fẹ́ máa rí kó máa pọ̀ sí i, èyí tó ní àwọ̀ ìyeyè tàbí tó dúdú la ò fẹ́.

Rúlà, ti ike tó mọ́ gaara ni kẹ́ ẹ lò, ẹ fi sípírítì nù ún ṣáájú àti lẹ́yìn. Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ dáadáa, torí rúlà ọmọ iléèwé kì í bẹ̀rẹ̀ láti etí ike, àlàfo díẹ̀ wà kó tó kan òdo. Ẹni tó bá fi etí ike wọ̀n á máa kà á kéré sí bó ṣe jẹ́. Ẹ má lo tépù télọ̀, ó ń fà.

Ẹ wọ̀n gígùn láti ìhà gìgísẹ̀ lọ sí ìhà ọmọ ìka, níbi tó ti gùn jù. Ẹ wá wọ̀n ìbú ẹ̀ lọ́nà tó dábùú gígùn yẹn, níbi tó ti fẹ̀ jù. Ọ̀nà kan náà ni nígbà gbogbo, ẹnì kan náà ni kó sì máa wọ̀n ọ́n. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ti tó. Ẹnjiníà, ẹ má bínú, ojoojúmọ́ ò dáa, ẹ ó kàn máa ṣí egbò lásán ni, kò sì sóhun tó máa yí padà láàárín ọjọ́ kan tí rúlà lè rí.

Ọmọ mi, ẹ fún mi ní nọ́ńbà tẹ́ ẹ ti kọ, tó bá wà.

Ọmọ Alhaji Òkè-Sùná
Ó wà mà. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń wọ̀n ọ́n, sínú ìwé rúlà ló ń kọ ọ́ sí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n fi abẹ fá ẹ̀gbẹ́ ẹ̀: gígùn 2.4 sẹ̀ńtímítà, ìbú 2.0. Ọ̀sẹ̀ kejì: 2.3, 1.9. Ọ̀sẹ̀ kẹrin: 2.2, 1.8. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń dínkù, ohun tí Alhaji ń sọ náà nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Òmù-Àrán
Ẹ kú iṣẹ́, ìwé yẹn wúlò ju gbogbo fótò lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ papọ̀.

Ẹ fi gígùn sọ ìbú di púpọ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ 4.8. Ọ̀sẹ̀ kejì jẹ́ 4.37. Ọ̀sẹ̀ kẹrin jẹ́ 3.96. Ẹ yọ 3.96 kúrò nínú 4.8, ó ku 0.84, ẹ pín in sí 4.8, ẹ ó rí i pé nǹkan bí 17 sí 18 nínú ọgọ́rùn-ún ló fi dínkù láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ohun tá a máa ń wò fún egbò súgà lẹ́sẹ̀ ni pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ṣé ó ti dínkù tó ìlàjì? Ìlàjì 4.8 jẹ́ 2.4. Ìyẹn ni pé ó yẹ kó ti wà níbi bíi 1.7 lọ́nà 1.4. Èyí tí ò bá tíì súnmọ́ ìlàjì ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó ṣòro kó dí láàárín ọ̀sẹ̀ méjìlá pẹ̀lú ohun tí à ń ṣe sí i lọ́wọ́. Mi ò ní kò lè jiná o. Mo ní ohun kan ń dí i lọ́wọ́, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ máa lọ bẹ́ẹ̀.

Ohun míì tún wà níbẹ̀. Ọwọ́ ẹnì kan náà lè fi mìlímítà kan ṣì í lónìí, kó fi mìlímítà kan ṣì í lọ́la, èèyàn la jẹ́. Lórí egbò tó kéré báyìí, mìlímítà kan ní gígùn àti ìkan ní ìbú ti tó nǹkan bí 9 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà ohun tẹ́ ẹ rí ní ọ̀sẹ̀ kejì yẹn, ó lè jẹ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n yín, kó má jẹ́ egbò rárá. Ti ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo gbà pé ó ti sún díẹ̀, àmọ́ ẹ̀gbọ́n yín ló jàre jù.

Mo fẹ́ bi yín, awọ tó yí egbò ká, ṣé ó le, ó funfun, ó ki?

Ọmọ Alhaji Òkè-Sùná
Bẹ́ẹ̀ ni mà, bíi pátákó. Wọ́n fá a lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó tún ti hù padà.

Nọ́ọ̀sì Òmù-Àrán
Mo mọ̀. Awọ líle yẹn máa ń hù bo etí egbò, fótò á fi hàn yín pé ẹnu egbò ti kéré, nígbà tí inú lábẹ́ awọ ṣì fẹ̀ gbooro. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún fá a, nọ́ńbà á fò sókè, ẹ ó pariwo pé wọ́n ba ẹsẹ̀ Alhaji jẹ́. Wọn ò bà á jẹ́, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Èyí tí wọ́n wọ̀n lẹ́yìn fífá, ẹ fi wé èyí tí wọ́n wọ̀n lẹ́yìn fífá. Ẹ kọ "lẹ́yìn fífá" síwájú nọ́ńbà.

Awọ tó ń yára hù bẹ́ẹ̀, títẹ̀ ló ń fà á. Ṣé Alhaji ń tẹ ẹsẹ̀ yẹn?

Ọmọ Alhaji Òkè-Sùná
Mà... wọ́n ń lọ mọ́sálásí wákàtí máràrùn-ún. Wọ́n ní kò dùn wọ́n rárá.

Nọ́ọ̀sì Òmù-Àrán
Haa. Wàhálà tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Súgà ti pa iṣan ẹsẹ̀ tó ń gbọ́ ìrora, ni kò ṣe dùn wọ́n. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo ara wọn ló ń gúnlẹ̀ sórí ibi kékeré yẹn. Ẹ kó ìwé yẹn lọ bá dókítà lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá. Ẹ bèèrè nǹkan mẹ́ta: ohun tí wọ́n á fi gbé ẹsẹ̀ náà kúrò lórí ìtẹ̀ (bàtà tí wọ́n ṣe fún un, tàbí píópì tí wọ́n máa ń wé e), bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dé ẹsẹ̀ náà, àti bóyá kí wọ́n ya egungun abẹ́ ẹ̀ sí ẹ́síréè. Ìyẹn ni fótò ò lè rí láé. Fótò ò mọ bó ṣe jìn tó, kò gbọ́ òórùn, kò mọ̀ bóyá ó ti kan egungun.

Ìyá Ìbejì Ọ̀fà
Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ yín. Èmi náà ń fi rúlà wọ̀n nǹkan, kì í ṣe egbò o, ojú dúdú kan ni lábẹ́ ẹsẹ̀ màmá mi, kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti ń fẹ̀, etí ẹ̀ ò dọ́gba, apá kan dúdú, apá kan bíi ti kókó. Kò dùn wọ́n, kò ṣẹ̀jẹ̀. Mo ti fi fótò oṣù márùn-ún pamọ́. Ṣé kí n dúró kó pé ọ̀sẹ̀ méjìlá tí Nọ́ọ̀sì sọ, àbí mo ti kọjá ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Òmù-Àrán
Rárá o, Ìyá Ìbejì! Ohun tí mo sọ ti egbò súgà ni, kò kan tiyín. Ojú dúdú tuntun lábẹ́ ẹsẹ̀ àgbàlagbà, tó ń fẹ̀, tí àwọ̀ ẹ̀ ò sì dọ́gba, fótò ẹ̀ ti parí iṣẹ́. Àwa aláwọ̀ dúdú, tí jẹjẹrẹ tó ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí àwọ̀ ara ti ń wá bá máa mú wa, àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ló máa ń fẹ́ràn. Ó lè má jẹ́ òun o, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì, àmọ́ àwọn tó ń gé díẹ̀ lára ẹ̀ lọ yẹ̀ wò ló lè sọ, kì í ṣe èmi, kì í ṣe rúlà. Ẹ kó fótò oṣù márààrùn dání, kí wọ́n rí i pé ó ń fẹ̀.

Ẹnjiníà Tankẹ
Ohun tó ṣe Bọ́bù Máálè náà nìyẹn, abẹ́ èékánná ẹsẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rò pé ibi tó fi gbá bọ́ọ̀lù ni. 1977 ni wọ́n rí i, 1981 ló kú.

Ìyá Ìbejì Ọ̀fà
Ẹ̀rù ti bà mí báyìí.

Fótò Bàbá Èsìẹ́
Ẹnjiníà, ẹ̀yin náà! Ìyá Ìbejì, ẹ gbé Màmá lọ lọ́la, ẹ má fi ti Máálè ṣe.

Ẹnjiníà Tankẹ
Ẹ má bínú. Nǹkan kan ṣá, mo ti tẹ rúlà kan jáde láti orí ẹ̀rọ fún Ọmọ Alhaji, tó ní déètì lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo lè fi ránṣẹ́, kò sí wàhálà rúlà ike mọ́.

Fótò Bàbá Èsìẹ́
Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé máa ń fún un tàbí kó fẹ̀ ẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kẹ́ ẹ tó lò ó, ẹ fi káàdì ATM lé e: gígùn gbogbo káàdì báńkì jẹ́ 8.56 sẹ̀ńtímítà, díẹ̀ lé ní 8 àbọ̀. Tí kò bá bá a mu, ẹ jù ú nù. Ẹ má sì ya káàdì mọ́ egbò o, nọ́ńbà ẹ̀ wà lójú ẹ̀.

Alfa Pákátà
Ní ti oyin yẹn, Nọ́ọ̀sì, ẹ ò sọ nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì Òmù-Àrán
Alfa, oyin kan wà tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ ní ilé iṣẹ́ tí àwọn oníwòsàn ń lò fún egbò, ìyẹn yàtọ̀. Ti inú ìgò, mi ò ní gbà kí wọ́n dà á sí ẹsẹ̀ súgà. Tí wọ́n bá sì ti dà á sí i kẹ́ ẹ tó ya fótò, á máa dán bíi fíláàṣì ni.

Alfa Pákátà
Bàbá mi lò ó, ó jiná.

Nọ́ọ̀sì Òmù-Àrán
Mo gbọ́ o, Alfa.

Ọmọ Alhaji Òkè-Sùná
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo padà wá ṣàlàyé. A kó ìwé lọ. Dókítà wo fótò díẹ̀, ó ní kí n fi pamọ́, àmọ́ ìwé nọ́ńbà yẹn ló jókòó tì. Ẹ̀jẹ̀ ń dé ẹsẹ̀, ẹ́síréè ò fi nǹkan kan hàn nínú egungun, wọ́n ní ká ṣì tún un yà tó bá yá torí kì í tètè hàn níbẹ̀. Wọ́n ṣe píópì fún Alhaji, orí àga ni wọ́n ti ń kírun báyìí, wọn ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá, ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun ni ẹ̀gbọ́n mi fi bẹ̀ wọ́n. Wọ́n tún egbò fá lọ́jọ́ yẹn, ó wá di 2.5 lọ́nà 2.1, Alhaji pariwo bí Nọ́ọ̀sì ṣe wí gẹ́lẹ́. Láti ìgbà yẹn, lẹ́yìn fífá sí lẹ́yìn fífá: 5.25, ó di 4.18 ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó di 2.85 ní ọ̀sẹ̀ kẹrin.

Nọ́ọ̀sì Òmù-Àrán
5.25 sí 2.85, ó fi nǹkan bí 46 dínkù. Kò tíì kan ìlàjì, àmọ́ ó ti ju àṣìṣe ọwọ́ lọ dáadáa. Ọ̀nà ló wà. Ẹ má jẹ́ kí Alhaji bọ́ píópì o, ìgbà tó bá ń dínkù báyìí ni wọ́n máa ń sọ pé ó ti tó.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Ẹ má dúró de ọjọ́ rúlà tí ibà bá mú wọn, tí egbò bá ń rùn, tí ibì kan bá dúdú, tí píópì bá há tàbí tí ẹsẹ̀ bá wú gòkè. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, pípọ́n kì í hàn dáadáa, nínú fótò gan-an kò ní hàn. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ méjèèjì níbi tí píópì ò bò, fún ìgbóná. Tí ìkan bá gbóná ju ìkejì lọ, ẹ fi báírò fa ìlà sí ibi tí wíwú dé, ẹ kọ aago sí i, kẹ́ ẹ sì máa lọ sílé ìwòsàn, bó bá ti kọjá ìlà kẹ́ ẹ tó débẹ̀, wọ́n á rí i.

Ọmọ Alhaji Òkè-Sùná
Ẹ ṣé gan-an mà. Ìbéèrè kan ló kù: ẹ̀gbọ́n mi ń padà sí Èkó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi ni mo máa máa wọ̀n ọ́n. Ọwọ́ mi ò ní bá tiẹ̀ mu.

Fótò Bàbá Èsìẹ́
Ẹ̀yin méjèèjì ẹ wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kan náà kó tó lọ, ẹ má wo nọ́ńbà ara yín. Ẹ ó rí bí ẹ ṣe jìnnà síra tó.

Nọ́ọ̀sì Òmù-Àrán
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú ìwé, kẹ́ ẹ kọ ẹni tó wọ̀n ọ́n sí i. Ìyá Ìbejì, ẹ ò tíì sọ fún wa, ṣé ẹ ti gbé Màmá lọ?